Ọ̀rọ̀ Aláyọ̀ Lábẹ́ Fọ́tò Búrẹ́dì

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ojú ṣe ń ti ẹ̀rín, kó wá wo Bọ́dúndé lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ yẹn, níbi tó dúró sí láàárín ilé búrẹ́dì ní Nimbo, àdúgbò kan ní Bouaké ní Ivory Coast, tó na ìka sí àwọn àwòrán ojú kéékèèké lórí fóònù, tó ń pariwo pé, "Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín yìí kò rẹ́rìn-ín tó! Ẹ wá èyí tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀ nítorí ẹ̀rín!"

Josiane, ọmọ Baoulé tó ti ń bá wọn tajà láti ọdún mẹ́fà, tó sì ti gbọ́ Yorùbá débi pé ó lè fi bú ènìyàn, wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Tọ́ńtọ́n Bọ́dúndé, búrẹ́dì la fẹ́ tà. Ta ló ń rẹ́rìn-ín sunkún nítorí búrẹ́dì?"

"Bọ̀ọ̀dá mi máa ń fi í sí i!"

Mosúnmọ́lá jókòó sórí àpótí lẹ́yìn káńtà, ó mú fóònù náà lọ́wọ́. Bọ̀ọ̀dá tí Bọ́dúndé ń wí ni Oyèkúnlé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọkọ Mosúnmọ́lá. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára ògiri níta: KÚNLÉ BÚRẸ́DÌ. Ó ti kú láti ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Ó jókòó sórí àpò fúláwà lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó ní kí wọ́n bu omi wá fún òun. Kí Josiane tó rí ife, ẹni tó fẹ́ mu omi ti lọ. Bouaké níbẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Gbogbo Nimbo ló tẹ̀ lé òkú rẹ̀: oníbàárà, ará ìjọ, àwọn ọlọ́kadà tó ń jẹ búrẹ́dì rẹ̀ láàárọ̀. Ẹni tí kò tíì gbọ́ kù ẹyọ kan, ìyá tó bí i.

Màmá Christianah wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì máa ń ru. Nílé tiwọn, a kì í fi fóònù túfọ̀ ọmọ fún ìyá. Àgbà ló ń lọ. Wọ́n á jókòó, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á bi í bóyá ó ti jẹun, wọ́n á fi obìnrin tó lágbára méjì sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀, kí wọ́n tó la ẹnu. Àgbà tó yẹ kó ṣíwájú wọn, Bàbá Oyèkàn, wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Jos, ẹsẹ̀ ń dùn ún. Ó ní Sátidé tó ń bọ̀ lòun máa délé. Nítorí ẹsẹ̀ Bàbá Oyèkàn, gbogbo ẹbí gbé òkú pamọ́ sẹ́nu.

Ṣùgbọ́n Íńsítágírámù kò mọ àṣà. Láti ọdún mẹ́rin, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni KÚNLÉ BÚRẸ́DÌ máa ń gbé fọ́tò búrẹ́dì síbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ dídùn lábẹ́ rẹ̀. Màmá kò ní irú fóònù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Nafi tó ń ta káàdì fóònù níwájú ilé rẹ̀ ní. Nafi á ka ọ̀rọ̀ náà fún un, á ka ohun tí àwọn ènìyàn kọ sábẹ́ rẹ̀, Màmá á sì máa ṣe "hẹn-ẹn, hẹn-ẹn" bí ẹni tó ń gba lẹ́tà. Ọjọ́bọ̀ méjì ti kọjá báyìí tí lẹ́tà kò dé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni Nafi kọ̀wé ránṣẹ́ sí ojúewé ilé búrẹ́dì: *Màmá ní kí n bèèrè pé ṣé kò sí o? Wọ́n ní bí àwọn ò bá rí nǹkan kan lónìí, àwọn á wọkọ̀ wá sí Bouaké lọ́la.*

"Ṣé ẹ rí i?" ni Bọ́dúndé wí. "Bí Màmá bá wọkọ̀ pẹ́rẹ́n, ẹnu dẹ́rẹ́bà ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ. Ìyàwó wa, ẹ kọ nǹkan tó láyọ̀. Ẹ ní a ní ménù tuntun fún òpin ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá ní ménù tuntun, ṣé ó lè ti kú?"



Mosúnmọ́lá tẹ fóònù. Láti ọjọ́ ìsìnkú, ara rẹ̀ ti rí bíi fúláwà tí wọ́n pò tí wọ́n gbàgbé yíìsì: ẹ lè tẹ̀ ẹ́, ẹ lè nà án, kò ní wú, kò sì ní sọ pé ẹ ṣe òun. Kò sunkún. Àwọn ìyá ìjọ sunkún yí i ká títí tí ó fi rẹ̀ wọ́n, wọ́n bi í bóyá ara rẹ̀ yá. Ó ní ara òun yá, ó bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ búrẹ́dì. Wọ́n gba ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo lọ sọ́dọ̀ ìyàwó Bọ́dúndé kí ó lè ráyè ṣọ̀fọ̀. Ó fi àyè náà fọ páànù.

Ó na fóònù sí Bọ́dúndé. Bọ́dúndé kà á sókè:

"'Ẹ káàsán. Búrẹ́dì àgbọn yóò wà ní Sátidé àti Sọ́ńdè. Ẹ ṣeun.'" Ó gbójú sókè. "Ìyàwó wa, ìkéde ìpàdé àwọn àgbà ìjọ nìyí! Ó kù kí ẹ ní kí wọ́n mú Bíbélì dání. Ẹ jẹ́ kí n fi àwòrán sí i. Ọwọ́ méjì tó pàdé yìí ńkọ́?"

"Ọwọ́ àdúrà?" Josiane pàtẹ́wọ́. "Nílé tí òkú ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò? Tọ́ńtọ́n, ẹ kúkú fi pósí sí i."

"Ẹyẹ funfun yìí wá ńkọ́? Ó mọ́ tónítóní."

"Wọ́n fi ń sìnkú!"

"Òdòdó?"

"Tọ́ńtọ́n!"

Bọ́dúndé, tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ lọ́jà tí kò sì sí bọ́ọ̀tù tí kò mọ ibi tó ń wọ̀, nu òógùn. "Bọ̀ọ̀dá mi kì í kọ báyìí. Bọ̀ọ̀dá mi, bó bá kọ ọ́, wàá máa gbọ́ òórùn búrẹ́dì lójú fóònù. Ìyàwó wa, ẹ̀yin tí ẹ bá a gbé, ṣé ẹ ò mọ bó ṣe máa ń kọ ọ́ ni?"

Mosúnmọ́lá gbójú sókè fúngbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sán.

"Bàbá Glory," ó fi orúkọ ọmọ Bọ́dúndé pè é, "èmi ni mo ń kọ ọ́."

"Kí lẹ ń kọ?"

"Gbogbo rẹ̀. Láti ọdún mẹ́rin. Kúnlé á máa po fúláwà, èmi á jókòó síbí yìí, màá máa kọ. Bí mo bá kà á fún un, á ní, 'Ṣé èmi ni mo sọ gbogbo ìyẹn?'"



"Èyí tó kọ lọ́jọ́ ìbí mi ńkọ́?" Ohùn Bọ́dúndé ti di ti ọmọ kékeré. "'Àbúrò mi, ìwọ ni yíìsì ìdílé wa'? Èyí tí mo fi sunkún níwájú àwọn oníbàárà mi?"

"Èmi ni."

Bọ́dúndé dà bí ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tún ṣẹ̀ṣẹ̀ kú lẹ́ẹ̀kejì. Ó fi ìdí jókòó lé àpò fúláwà. Ló bá rántí ẹni tó jókòó lé àpò ibẹ̀ kẹ́yìn. Ó fò dìde bí ẹni tí iná jó, orí rẹ̀ gbá pẹpẹ, páànù mẹ́rin jábọ́. Josiane rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Mosúnmọ́lá he páànù mẹ́rin náà, ó tò wọ́n padà.

"Ó dáa," ni Bọ́dúndé wí, ó ń fọwọ́ pa orí. "Kò burú. Ẹ ṣáà kọ ọ́ bí Bọ̀ọ̀dá mi ṣe ń kọ ọ́."

"Bí mo ṣe ń kọ ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe ń kọ ọ́ nígbà tó jẹ́ pé òun ló ń kọ ọ́."

Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló fi kọ ọ́. Ó kọ Faransé sókè fún àwọn ará ìlú, ó kọ Yorùbá sísàlẹ̀ fún àwọn tiwọn, ojú rẹ̀ sì le bí ojú ọlọ́pàá bọ́dà tó ń wo páálí ọlọ́jà. Yorùbá rẹ̀ nìyí:

*🎉🍞 Ménù tuntun ti dé fún òpin ọ̀sẹ̀ o! 🥳*
*Ẹ̀yin ará Nimbo, ẹ̀yin ará Bouaké, ẹ fi àyè sílẹ̀ nínú ikùn yín 😋*
*🥥 Búrẹ́dì àgbọn: ó rọ̀ ju ìrọ̀rí yín lọ*
*🐟 Pàtéè ẹja: gbígbóná fẹlifẹli láti inú ààrò*
*🍌 Kéèkì ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n: ẹ má fi han aládùúgbò 🤫*
*📅 Sátidé àti Sọ́ńdè nìkan, láti aago méje àárọ̀ títí yóò fi tán*
*📍 Kúnlé Búrẹ́dì, Nimbo*
*📲 Ẹ kọ̀wé sí wa lórí WhatsApp, a ó bá yín tọ́jú tiyín*
*Ẹni tó bá pẹ́, òórùn ni yóò bá 😂😂*
*#Bouaké #Nimbo #KúnléBúrẹ́dì*

Bọ́dúndé kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó rántí, ó sunkún, ó tún kà á, ó tún rẹ́rìn-ín. "Bọ̀ọ̀dá mi gan-an nìyí," ló wí, kó tó rántí pé kì í ṣe òun.

Josiane ya fọ́tò. Búrẹ́dì àgbọn kò sí nílé, nítorí náà ó gé búrẹ́dì lásán kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára, ó rẹ́ àgbọn díẹ̀ lé e lórí, ó ya á láti òkè. Ó wá ku ewu kan. Bí àwọn ará Nimbo bá rí i, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn sábẹ́ rẹ̀.

"Ẹ ti gbogbo ẹnu wọn pa!" ni Bọ́dúndé pàṣẹ. "Kí ẹnikẹ́ni má lè kọ nǹkan síbẹ̀."

"Nafi máa ń ka tiwọn náà fún Màmá," Mosúnmọ́lá dá a lóhùn. "Bí ó bá ṣófo, wọ́n á fura."

Josiane wá wọ inú ètò ojúewé náà, níbi tí ènìyàn ti lè to ọ̀rọ̀ tí kò fẹ́ rí. Ẹni tó bá kọ ọ̀kan nínú wọn, ohun tó kọ kò ní hàn. Ó kọ *condoléances*. Ó kọ *RIP*. Ó kọ *repose en paix*, ìyẹn sùn un re. Ó kọ *yako*, torí kò sí ọmọ Ivory Coast tó máa bá ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kẹ́dùn tí kò ní sọ pé yako. Bọ́dúndé ní kó fi "ikú" àti "ọ̀run" sí i. Mosúnmọ́lá tẹ bọ́tìnnì, ọ̀rọ̀ lọ sórí afẹ́fẹ́. Bọ́dúndé padà sọ́jà, ó ń fi ìyìn fún Ọlọ́run tó dá àrékérekè.

Kò pé wákàtí kan tí WhatsApp bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

"Táńtì," Josiane pè é, "Mùbárákù ọlọ́kadà ní kí a bá òun tọ́jú pàtéè mẹ́wàá. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké fẹ́ kéèkì. Ẹnìkan ń bọ̀ láti Languibonou nítorí àgbọn. Kí n sọ fún wọn pé irọ́ ni?"

Ẹ ò rí nǹkan! Ménù tí wọ́n dá sílẹ̀ kí arúgbó kan má bàa wọkọ̀ ti di ménù gidi. Mosúnmọ́lá ní, "Kọ orúkọ wọn sílẹ̀."

Josiane ń kọ ọ́ lọ́wọ́ nígbà tó kígbe. Lábẹ́ fọ́tò búrẹ́dì, láàárín àwọn tó ń pọ́n ètè lá, oníbàárà rere kan ti kọ ọ́ gàdàgbà pé: *Courage à la veuve de Kúnlé. Il nous manque.* Ó ń kí opó Kúnlé, ó ní àárò Kúnlé ń sọ àwọn. Kò sí *yako* níbẹ̀, kò sí *condoléances*. Ó ti gba àárín ọ̀rọ̀ wọn kọjá bí omi inú asẹ́. Josiane pa á rẹ́ kíá. Ṣùgbọ́n kó tó pa á rẹ́, ó ti rí i pé ẹnìkan ti fi ọkàn pupa sí i. Ó ti tẹ ọkàn náà wo ẹni tó ni ín.

Nafi ni.

Fóònù Mosúnmọ́lá dún. Ògbómọ̀ṣọ́ ni.

"Àníkẹ́." Ohùn Màmá Christianah rọra wọlé. Oríkì rẹ̀ ló fi ń pè é.

"Màmá, ẹ kúùrọ̀lẹ́ mà."

"Nafi ka ọ̀rọ̀ yín fún mi. Ó dùn. Èyí tí wọ́n ní kí a má fi han aládùúgbò yẹn, mo rẹ́rìn-ín sí i."

"Ẹ ṣé mà. Kúnlé ló ní…"

"Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ?"

"Josiane ni, mà."

"Ní kó bọ́ síta díẹ̀."

Josiane ti rí ojú rẹ̀, ó ti ń lọ. Màmá dúró títí ilẹ̀kùn fi dún.

"Ọmọ mi ti kú, àbí?"

Irọ́ mẹ́ta ló wà létè Mosúnmọ́lá, èyí tí ẹbí ti kọ́ ọ. Ó wá èyí tó máa lò. Kò rí ọ̀kan gbé.

"Ta ló sọ fún yín, mà? Ṣé Nafi ni?"

"Nafi wo? Ẹ̀yin ni. Lọ́sẹ̀ kìíní ẹ ní eyín ń dùn ún, kò lè sọ̀rọ̀. Lọ́sẹ̀ kejì ẹ ní wọ́n yọ ọ́. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Bọ́dúndé tún ní wọ́n yọ òmíràn. Eyín mélòó ni mo bí mọ́ Kúnlé tí ẹ fi ń yọ ọ́ láti ìgbà yẹn? Ọmọ tó bá wà láyé, kó fi erìgì bá mi sọ̀rọ̀!"

Mosúnmọ́lá kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín. Ó wá ibi tí ẹ̀rín máa ń wà lára rẹ̀, ibẹ̀ kú tipiri.

"Màmá, bí ẹ bá ti mọ̀, kí ló wá dé tí ẹ ní ẹ fẹ́ wọkọ̀ nítorí pé a ò kọ nǹkan?"

"Kí o lè kọ ọ́ ni."

"Mà?"

"Ìwọ lo ń kọ ọ́. Àbí ẹ rò pé mi ò mọ̀? Mo bí Kúnlé. Kúnlé kò lè kọ ìlà méjì kó má sùn sí àárín wọn. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀ pé ìyàwó mi ló ń kọ lẹ́tà sí mi. Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ méjì wá kọjá, mo ní, ó dáa, èyí tó lọ ti lọ. Èyí tó kù ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń mí?"

Mosúnmọ́lá wo ọwọ́ rẹ̀. Fúláwà ti gbẹ sí èékánná rẹ̀.

"Mò ń mí, mà."

"O ti sunkún?"

"Rárá, mà."

"Èmi náà ò tíì sunkún. Bí mo bá sunkún, wọ́n á ní ta ló sọ fún mi. Orí rẹ ni wọ́n máa gbé e kà: ìyàwó tó fi fóònù pa ìyá ọkọ. Mò ń dúró de Oyèkàn àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá dé ní Sátidé, màá ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan. Màá yí nílẹ̀ dáadáa, wọn ò ní lè dì mí mú. Má sọ fún Bọ́dúndé o, ẹnu rẹ̀ kò ní ìdérí. Ménù yẹn, ṣé ó wà lóòótọ́?"

"Kò sí, mà. Torí yín la ṣe dá a sílẹ̀."

"Ẹ lọ ṣe é. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ pé ilé ọmọ mi ń parọ́."

Ló bá pa fóònù.

Ní Sátidé, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, Mosúnmọ́lá ti fún àgbọn, ó ti fi omi rẹ̀ po fúláwà dípò omi lásán. Ó jẹ́ kó wú, ó fi ìkúùkù tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ó gé e sí páànù, ó tún jẹ́ kó wú lẹ́ẹ̀kejì. Ó ń ṣe é bí ẹni tó ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn. Josiane ń di ẹja sínú pàtéè, ó ń fi fọ́ọ̀kì tẹ etí rẹ̀ pa. Nígbà tí aago méje lù, èrò ti tò dé ẹnu ọ̀nà. Mùbárákù gba mẹ́wàá rẹ̀, ó jẹ méjì lórí ọ̀kadà. Ẹni Languibonou dé. Wọ́n ń bú ara wọn lórí ìlà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sọ pé opó yìí gbìyànjú. Ẹnìkan fi *yako* kí i lójúkojú, níbi tí kò sí ẹni tó lè pa á rẹ́. Ó ní ẹ ṣé.

Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ nígbà tí Bọ́dúndé já wọ ẹ̀yìn ilé níbi ààrò, fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti gbé ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo wọn lè gbọ́. Ohùn Bàbá Oyèkàn ni, ó ń mí gúlegúle: "A ti sọ fún wọn. Kò rọrùn rárá." Lẹ́yìn ohùn rẹ̀, igbe Màmá ń bọ̀.

"Wọn ò mọ nǹkan kan tẹ́lẹ̀!" Bọ́dúndé sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, omi ń dà lójú rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ yín ṣiṣẹ́, ìyàwó wa. Ó ṣiṣẹ́."

Mosúnmọ́lá fetí sílẹ̀. Ẹkún náà bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n ṣe jọ ṣàdéhùn rẹ̀. Ó pe orúkọ ọmọ, ó ki oríkì rẹ̀, ó bi Ọlọ́run léèrè, ó sinmi níbi tó yẹ kí ẹkún ti sinmi. Arúgbó yìí mọ iṣẹ́ rẹ̀. Mosúnmọ́lá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbórí fún un.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ tán nínú ẹkún náà. Kò ki oríkì mọ́. Ohùn kan ṣoṣo ló kù, tínrín, gígùn, tí kò níbi tó ń lọ. Ẹnìkan sọ lẹ́yìn pé, "Ẹ dì wọ́n mú, ẹ dì wọ́n mú." Ẹlòmíràn ní kí wọ́n ṣí fèrèsé. Èyí kò sí nínú àdéhùn.

"Ẹ fún mi," ni Mosúnmọ́lá wí.

Bọ́dúndé na fóònù sí i, ṣùgbọ́n ọwọ́ Mosúnmọ́lá méjèèjì wà nínú ìbọ̀wọ́ ààrò, àkókò àwọn búrẹ́dì àgbọn sì ti pé. Ó bá tẹ etí sẹ́gbẹ̀ẹ́, Bọ́dúndé sì gbé fóònù mọ́ ọn létí bí ẹni tó ń gbé ife sẹ́nu aláìsàn. Mosúnmọ́lá bẹ̀rẹ̀, Bọ́dúndé bẹ̀rẹ̀. Mosúnmọ́lá dìde, Bọ́dúndé dìde. Ó fa páànù kìíní jáde. Ó fa ìkejì. Ooru ń bọ́ sí i lójú, ojú rẹ̀ gbẹ. Kò sọ nǹkan kan sínú fóònù, kò sì yọ etí kúrò.

Josiane yọjú láti iwájú. "Táńtì, búrẹ́dì àgbọn ti tán ní káńtà. Màrdíyyàh ní òun ti dúró láti àárọ̀. Kí n ní kí wọ́n máa lọ?"

"Ní kí wọ́n dúró," ni Mosúnmọ́lá wí. Ó fa páànù kẹta. "Ó ń bọ̀."